Bí lúùpù ṣe ń fo èyí tó gbẹ̀yìn nínú àréè láìsí pé kọ̀ǹpútà pariwo

Àréè ni ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó tò tẹ̀ léra nínú púrógíráàmù, lúùpù sì ni apá tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lúùpù tó bá kọjá òpin àréè sábà máa ń tú ara rẹ̀ fó. Púrógíráàmù lè kú lójú ẹsẹ̀, tàbí kó tẹ nọ́ńbà ràgàjì kan jáde tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ̀ pé kò lè jóòótọ́. Èyí tó bá dúró kó tó dé òpin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kò rú òfin èdè kankan, ìdáhùn tó sì ń mú wá máa ń jọ òótọ́. Òun ló ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí làábù di òru.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan, ní làábù kọ̀ǹpútà yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, bí àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn kò le. Kí wọ́n fi èdè C kọ púrógíráàmù tó máa ka ìwọ̀n òjò láti inú fáìlì, kó sọ ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàárín ọjọ́ kan àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kó sì ṣe àròpọ̀ gbogbo òjò náà. Fáìlì méjì ni wọ́n gbà. Ọjọ́ mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mìlímítà ni wọ́n sì fi wọn òjò náà. Àròpọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe tún wà nísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n ti da fáìlì kọ̀ọ̀kan kọ.

Nọ́ńbà inú fáìlì àkọ́kọ́ nìwọ̀nyí: 5, 0, 14, 22, 0, 3, 6, 0. Ìwé sọ pé àròpọ̀ wọn jẹ́ 50, 50 náà ni púrógíráàmù tẹ̀ jáde. Ti èkejì ni 12, 0, 7, 31, 4, 0, 18, 9. Ìwé sọ pé 81 ni. Púrógíráàmù ní 72.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ́kọ́ fura sí ni fáìlì, ìfura náà sì bọ́gbọ́n mu. Ọ̀pọ̀ fáìlì ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í tẹ kọ́kọ́rọ́ ìlà tuntun lẹ́yìn nọ́ńbà ìkẹyìn, ọ̀nà ìkàwé kan sì wà tó máa ń gbàgbé irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ó wá ní kí púrógíráàmù tẹ iye nọ́ńbà tó kà àti èyí tó gbẹ̀yìn jáde lẹ́yìn tó bá ti ka fáìlì tán. Ó rí 8, ó sì rí 9. Gbogbo òjò náà wọlé pé pérépéré. Ìdánwò kékeré yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ, nítorí ó pín púrógíráàmù sí méjì: apá tó ń kàwé ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, àṣìṣe náà ti wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa. Olùtọ́jú làábù ti wá sọ fún wọn pé òun máa pa jẹnẹrétọ̀ tó bá di aago méjìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí pe ẹnìkan tó wà ní ọdún ìkẹyìn, tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nídìí tábìlì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Fáìlì àkọ́kọ́ bá ìwé mu, èkejì ò bá a mu. Àbí wọ́n ṣì í rò lórí ìwé ni?"

"Fi ìwé sílẹ̀ ná. Èló ló fi dín?"

"Mẹ́sàn-án ni."

"Èwo ló jẹ́ mẹ́sàn-án nínú wọn?"

Ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ mẹ́sàn-án, òun ló sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ náà ni ìdí tí fáìlì àkọ́kọ́ fi yege ti hàn: òjò kò rọ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀. Bí lúùpù bá fo òdo, àròpọ̀ kò ní yẹ̀. Púrógíráàmù náà ti ń fo ọjọ́ ìkẹyìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n fi dán an wò ni kò lè fi í hàn.

Lúùpù tó ń ṣe àròpọ̀ nìyí:

```c
for (size_t i = 0; i < n - 1; i++)
    apapo += ojo[i];
```

Láti mọ ohun tó burú níbẹ̀, ó yẹ ká mọ bí C ṣe ń to àréè. Nọ́ńbà inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ léra láìsí àlàfo nínú mẹ́mọ́rì. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, báìtì 4 ni `int` kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nọ́ńbà inú àkámọ́ `ojo[i]` kì í ṣe ipò ẹni nínú ìlà, iye ìṣísẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni àkọ́kọ́ wà níbi ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo, òun ni `ojo[0]`. Ẹni kẹjọ jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 7, ìyẹn báìtì 28, òun ni `ojo[7]`. Nígbà tí `n` bá jẹ́ 8, ẹni ìkẹyìn wà ní `n - 1`. Títí débẹ̀, gbogbo rẹ̀ tọ̀nà.

Àmì `<` ló fa wàhálà. Ó túmọ̀ sí pé kí lúùpù dúró kó tó kan nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún. Bí a bá kọ `i < n`, a ti yọ 8 kúrò, `i` á lọ láti 0 dé 7, ó parí. Ẹni tó bá wá rántí pé ẹni ìkẹyìn wà ní `n - 1`, tó sì kọ `i < n - 1`, ti yọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: àmì náà yọ ọ̀kan, ìyọkúrò tó fi ọwọ́ kọ tún yọ òmíràn. `i` dúró ní 6. `i <= n - 1` ìbá ṣe é, àmọ́ `i < n` ni àwọn tó ń kọ C fẹ́ràn jù, wọ́n sì jàre. Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1982: bí a bá ka ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, tí a kò ka òpin mọ́ ọn, òpin dín ìbẹ̀rẹ̀ ni iye ohun tó wà láàárín wọn. Mẹ́jọ dín òdo, mẹ́jọ ni. Kò sí àfikún, kò sí ìyọkúrò tí èèyàn ní láti máa rántí.

Báwo ni `n - 1` ṣe wá dé inú lúùpù yìí? Èyí ni apá tó yẹ ká dúró lé lórí, nítorí kò jọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kàn ṣèèṣì. Apá àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, èyí tó ń wá ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ kan àti ìkejì rẹ̀, ló ti mú un wá:

```c
for (size_t i = 0; i < n - 1; i++) {
    int iyato = abs(ojo[i + 1] - ojo[i]);
    if (iyato > tobi) tobi = iyato;
}
```

Níhìn-ín, `n - 1` tọ̀nà pátápátá. Ó dà bí ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún. Bí a bá ná an lónìí, tí a ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún la tún máa ná an, àmọ́ òru mẹ́rin péré ló wà láàárín ọjà méjèèjì. Bákan náà, ọjọ́ mẹ́jọ ní àlàfo méje. Lúùpù àkọ́kọ́ ń ka àlàfo, nítorí náà méje ló yẹ kó kà. Bó bá dé ìkẹjọ, á lọ wo `ojo[8]`, tí kò sí. Lúùpù kejì ń ka ọjọ́ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà da ìlà `for` àkọ́kọ́ kọ sísàlẹ̀, ó yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà, ó gbàgbé láti bi ara rẹ̀ pé kí ni lúùpù tuntun ń kà.

Bí a bá wá irinṣẹ́ tó máa ká irú àṣìṣe yìí mọ́, a ò ní rí ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. `gcc -Wall -Wextra` kò kìlọ̀ kankan, nítorí C gba lúùpù tó bá fẹ́ dúró níbi tó wù ú. `-fsanitize=address`, tó máa ń pariwo bí ẹnìkan bá lọ ka `ojo[8]`, dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó jáde kúrò nínú àréè. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé gbogbo òjò lèèyàn fẹ́ rò pọ̀. Ìdáhùn tí èèyàn ti mọ̀ ṣáájú nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀, ìyẹn 81 tó wà lórí ìwé.

Ṣùgbọ́n irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè sọ̀rọ̀. Ká ní ọjọ́ mẹ́ta ni òjò rọ̀ ní mìlímítà 9, 9 tó dín kì bá tí tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yẹn wá kọ́ ọ ni kó fi 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128 dán púrógíráàmù wò dípò òjò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú, àròpọ̀ wọn jẹ́ 255. Kò sí ọ̀nà méjì tí a lè gbà yọ lára wọn kó fún wa ní èsì kan náà. Bí lúùpù bá fo ẹni àkọ́kọ́, 254 ló máa jáde. Bó bá fo ẹni kẹta, 251 ni. Ti akẹ́kọ̀ọ́ náà mú 127 jáde: 128 ló dín, ẹni ìkẹyìn ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó sọ nù pẹ̀lú rẹ̀. Ó yí i padà sí `i < n`, 255 jáde, fáìlì kejì sì fún un ní 81.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá fi sílẹ̀. Lúùpù àkọ́kọ́, èyí tó tọ̀nà, ní ewu tirẹ̀ tí fáìlì ọlọ́jọ́ mẹ́jọ kò lè fi hàn. `size_t` kò mọ nọ́ńbà tó kéré sí òdo. Bí fáìlì bá ṣófo, tí `n` jẹ́ 0, `n - 1` kò ní di òdì kan. Lórí kọ̀ǹpútà bíìtì 64, yóò yí po di 18446744073709551615, lúùpù á sì máa sáré lọ nínú mẹ́mọ́rì títí ẹ̀rọ yóò fi dá a dúró. Ọ̀nà tó dára jù ni láti ṣí ìyọkúrò náà sí òdìkejì, kó di àfikún:

```c
for (size_t i = 0; i + 1 < n; i++)
```

Tí `n` bá jẹ́ 8, àlàfo méje náà ló máa kà. Tí ó bá jẹ́ 1 tàbí 0, kò ní wọlé rárá. Ìlà yìí tún sọ ohun tí lúùpù nílò ní gbangba: ó ń wo `i + 1`, nítorí náà `i + 1` gbọ́dọ̀ wà nínú àréè. Nígbà tí olùtọ́jú làábù padà dé, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fi fáìlì òfìfo àti fáìlì ọlọ́jọ́ kan dán lúùpù méjèèjì wò.