Ẹ̀rí Ṣáájú Ìdájọ́: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Yẹ Ìwé Ìwáṣẹ́ Wò

Ká ní ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ìṣirò owó. Nǹkan mẹ́rin ló kọ sínú ìpolówó rẹ̀: ìwé ẹ̀rí BSc tàbí HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, ìwé ẹ̀rí NYSC tàbí ìwé tó yọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀, ìrírí ọdún 3 ó kéré tán, àti ìwé ẹ̀rí ICAN, èyí tí kì í ṣe dandan. Ìwé ìwáṣẹ́ wá ya dé bí omi. Wọ́n kó o fún ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, irú èyí tó ń ka èdè tó sì ń kọ ọ́, wọ́n ní kó fi ìdáhùn rẹ̀ sí JSON, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń to ìsọfúnni sí àwọn àyè tó ní orúkọ, kí ètò kọ̀ǹpútà tó kù lè rí i lò.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí JSON bá ti jáde láìní àbùkù, àwọn ènìyàn a gbà pé ìdáhùn inú rẹ̀ náà péye. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, a lè fi JSON Schema, òfin tó ń sọ bí JSON náà ṣe gbọ́dọ̀ rí, de ẹ̀rọ náà lọ́wọ́: ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tó kàn, ohunkóhun tí schema kò bá gbà yóò di títì mọ́ ọn. Nítorí náà, àmì kankan kò ní sọnù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kọ “bóyá” síbi tí a ti ní kó mú ọ̀kan nínú `met`, ìyẹn ó kúnjú ìwọ̀n, `not_met`, ìyẹn kò kúnjú ìwọ̀n, àti `unclear`, ìyẹn kò tíì dájú. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn ṣe rí lójú nìyẹn ń dáàbò bò. Irọ́ gan-an lè wọ inú fọ́ọ̀mù tó mọ́ tónítóní, kó sì jókòó síbẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ń mú ìdáhùn náà ṣeé gbára lé ni ètò tí àwọn àyè inú JSON fi tẹ̀ léra. Ohun kékeré ló jọ, àmọ́ òun gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ yìí ń kọ̀wé láti òsì sí ọ̀tún ni, díẹ̀díẹ̀, ohun tó ti kọ sílẹ̀ ló sì fi ń pinnu èyí tó kàn. Bí `verdict`, ìyẹn ìdájọ́, bá wà lókè, tí `reason`, ìyẹn àlàyé, wà nísàlẹ̀, adájọ́ tó ti dá ẹjọ́ kó tó pe ẹlẹ́rìí la fi sórí àga yẹn. Tí ẹlẹ́rìí bá wá dé, kí ni adájọ́ náà tún fẹ́ gbọ́? Ohun tí yóò ti ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́yìn nìkan ni yóò máa ṣà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àlàyé yẹn yóò dùn létí, yóò jọ òótọ́, kò sì ní jẹ́ ìdí tí ìdájọ́ fi rí bó ṣe rí. Nítorí náà, ẹ̀rí la máa ń fi ṣáájú, àlàyé a tẹ̀ lé e, ìdájọ́ a wá gbẹ̀yìn:

```json
{
  "id": "nysc",
  "evidence": null,
  "reason": "Ìwé náà kò mẹ́nu kan NYSC.",
  "verdict": "unclear"
}
```

Inú `evidence`, ìyẹn àyè ẹ̀rí, kì í gba àkótán ọ̀rọ̀; bí kò bá sí ẹ̀rí, `null` ló ń wọ ibẹ̀. Bí ẹ̀rí bá wà, gbólóhùn inú ìwé olùwáṣẹ́ gan-an ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, bí onítọ̀hún ṣe kọ ọ́. Ìdí ni pé ètò kọ̀ǹpútà lásán, tí kò ní ọgbọ́n kankan, lè wá gbólóhùn yẹn nínú ìwé náà, kó sì sọ bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Kí ó tó wá a, yóò kọ́kọ́ tún àlàfo àti ìlà tó gé ṣe, nítorí PDF máa ń já ọ̀rọ̀ sí méjì. Bí kò bá rí gbólóhùn náà, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà hun ún fúnra rẹ̀, ìdáhùn yẹn yóò sì padà sẹ́yìn. Àyẹ̀wò yìí kò náni ní nǹkan kan, ó sì ń mú ọ̀pọ̀ irọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ẹnì kan yẹ̀ wò. Obìnrin kan ní HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, ó sì kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti ọdún tó jáde. Ìyẹn di `met` láìsí wàhálà. Kò sọ nǹkan kan nípa NYSC. Ẹ̀rọ tí a fún ní “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” nìkan yóò ní kò ní i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó parí ẹ̀kọ́ kì í sin ilẹ̀ bàbá, ìwé ìyọkúrò ni wọ́n máa ń fún un, ó sì lè má rántí kọ ọ́ sínú sífíì rẹ̀. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àìní. Iṣẹ́ `unclear` nìyẹn, ẹni tó bá sì yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ lè yá ń lé àwọn ènìyàn dànù lórí ohun tí kò bi wọ́n.

Ìrírí ọdún 3 ló le jù. Obìnrin yìí ṣiṣẹ́ níbì kan láti oṣù kìíní ọdún 2019 di ìparí oṣù kẹfà ọdún 2020: oṣù 18. Ó tún ṣe iṣẹ́ kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020 di ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2021: oṣù 20. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 38, ó sì ju 36 tí wọ́n béèrè lọ. Ẹ̀rọ tí a bá ní kó ṣírò ó lè dúró síbẹ̀ kó sì kọ `met`. Àmọ́ oṣù 4 ló fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, tí a bá sì ka oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, 34 ló kù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀rọ tó ń ka èdè ṣe ìṣirò yìí. Kó fa ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí yọ, kí kóòdù da àwọn oṣù tó kọlu ara wọn pọ̀, kó sì kà wọ́n.

Kóòdù náà ló yẹ kó ṣe ìpinnu ìkẹyìn. Bí dandan kan bá jẹ́ `not_met`, ìwé náà kò wọlé. Bí kò bá sí `not_met` ṣùgbọ́n tí `unclear` wà, a ó béèrè lọ́wọ́ olùwáṣẹ́. Máàkì lórí 100 tí ọ̀pọ̀ ń fẹ́ràn kò wúlò tó báyìí, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó mú 71 yàtọ̀ sí 74.

Àwọn kan gbà pé tí wọ́n bá ti fi `temperature`, òǹkà tó ń pinnu bí ẹ̀rọ ṣe lè yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù, sí 0, ìdáhùn kò ní yí padà mọ́. Yóò dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì lè yí, nítorí bí ẹ̀rọ ṣe ń pín iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ ń mú ìyàtọ̀ kéékèèké wọlé. Ó sàn kéèyàn dán an wò: ẹ fún un ní ìwé kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ yí ètò ìbéèrè padà, ẹ pààrọ̀ orúkọ olùwáṣẹ́. Bí ìdájọ́ bá yí nítorí orúkọ, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró. Bó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yí ṣáá, ìpolówó fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: “ìrírí tó péye” kò ní òṣùwọ̀n, ènìyàn méjì pàápàá kò ní dá a lóhùn bákan náà.

Àyẹ̀wò gbólóhùn náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Obìnrin yẹn kọ ọ́ pé òun ń múra ìdánwò ICAN sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè fa gbólóhùn yìí yọ bó ṣe rí, kó sì kọ `met` sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń múra ìdánwò kò tíì yege. Ènìyàn ló yẹ kó mú irú èyí, òun náà yóò sì tètè mú un nítorí pé ẹ̀rí àti ìdájọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tó kan án gidi, àfi nínú àwọn ipò kan tí òfin náà là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ ni yóò fọwọ́ sí lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Lẹ́tà yẹn yóò sọ pé oṣù 34 la rí nínú 36, yóò sì to ọjọ́ iṣẹ́ méjèèjì tí a fi ṣírò, kó lè takò ó bó bá ní iṣẹ́ mìíràn tí kò kọ.