Ìpolówó gààrí Ìjẹ̀bú méjì: èwo ló mówó wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ta gààrí Ìjẹ̀bú, alápò kílò márùn-ún, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí Èkó. Nígbà tí Ojúde Ọba ń bọ̀, mo ná ₦20,000 lórí ìpolówó Fesibúùkù tó ní fídíò àwọn ẹlẹ́ṣin, mo ná ₦20,000 mìíràn lórí àwòrán gààrí lásán tí mo kọ iye rẹ̀ sí. Ti fídíò dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 40,000, ti àwòrán dé ọ̀dọ̀ 8,000 péré. Ọmọ mi ní kí n pa ti àwòrán tì. Ṣé òótọ́ ló sọ? Mo fi àkọsílẹ̀ mi ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pa á tì, ìyá wa, nítorí pé nínú gbogbo iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín, èyí tó jìnnà sí àpò yín jù lọ ni ọmọ yín gbé ìdájọ́ rẹ̀ lé. Ohun tí "Reach" ń kà ni iye ènìyàn tí ìpolówó hàn lójú fóònù wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Kò bèèrè bóyá ẹni náà dúró wò ó, kò sì bèèrè bóyá ó ń mu gààrí. Ẹni tí kò fẹ́ràn gààrí rárá á dúró wo ẹṣin, aṣọ àti ìlù àwọn ìdílé Balógun, Fesibúùkù sì máa ń fi owó tó dínkù gbé ohun tí ojú ń dúró sí síwájú àwọn ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ₦20,000 kan náà fi ra ojú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún fídíò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí "Impressions", tí í ṣe iye ìgbà tí ìpolówó náà hàn, yálà ẹnì kan náà ló rí i tàbí ẹlòmíràn. Ti fídíò jẹ́ 60,000, ti àwòrán jẹ́ 20,000. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé orí iye ìgbà tó hàn yìí ni Fesibúùkù ti máa ń ṣírò ìdá àwọn tó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe orí iye ènìyàn. Ìgbà 1,200 ni wọ́n tẹ líǹkì tó wà lára fídíò. Tí a bá pín in sí 60,000, ó jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà 200 ni wọ́n tẹ ti àwòrán. Tí a bá pín in sí 20,000, ó jẹ́ ìdá 1. Fídíò dà bí ẹni pé ó fi ìlọ́po méjì ju àwòrán lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi iye ènìyàn pín in, ẹ ó rí ìdá 3 fún fídíò àti ìdá 2.5 fún àwòrán, ìyàtọ̀ náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lọ́jà. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì ni kí ẹ fi pín in, kí ó ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà fún ìpolówó méjèèjì. "Link clicks" sì ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe "Clicks (all)", nítorí pé ẹni tó tẹ fídíò kí ó lè rí ẹṣin dáadáa àti ẹni tó kàn fi àmì ìfẹ́ sí i wà nínú ti ìkejì yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí owó. Nínú ìwé yín, ènìyàn 16 tí kò rà lọ́wọ́ yín rí ló gba ipasẹ̀ fídíò wá, wọ́n sì ra àpò kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 10 ló gba ipasẹ̀ àwòrán wá. Ẹ ti ka owó ẹni tó ya fídíò àti owó-orí ìdá 7.5 tí Fesibúùkù máa ń fi lé owó ìpolówó ní Nàìjíríà mọ́ ₦20,000 náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé méjèèjì. Nígbà náà, oníbàárà tuntun kan ná yín ní ₦1,250 lórí fídíò àti ₦2,000 lórí àwòrán. Ẹ sọ pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó gààrí, owó ọ̀rá àti owó ọkọ̀, ₦1,500 ló ń ṣẹ́kù lórí àpò kan. Nítorí náà, ní ọwọ́ kìíní yìí, fídíò jèrè ₦4,000, àwòrán sì jẹ gbèsè ₦5,000.

Títí dé ibí, ọmọ yín jàre lórí gbogbo iye tí a ti wò. Bó bá jẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ regbérégbé ni ẹ ń tà, tí ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan títí ọdún á fi yípo, mi ò ní bá a jiyàn rárá. Ṣùgbọ́n gààrí ni ẹ ń tà, gààrí a sì máa tán.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Nínú àwọn 16 tí fídíò mú wá, ènìyàn 2 péré ló padà, wọ́n sì ra àpò kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn 10 tí àwòrán mú wá, ènìyàn 6 ló padà, wọ́n sì ra àpò 14 láàárín ara wọn, láìjẹ́ pé ẹ tún ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó. Àpò 18 ni fídíò tà lápapọ̀, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦27,000. Bí a bá yọ ₦20,000, ₦7,000 ló kù. Àpò 24 ni àwòrán tà, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦36,000. Bí a bá yọ ₦20,000, ₦16,000 ló kù.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tí ẹ fi hàn mí. Ohun tí àwọn tó wo fídíò ń bèèrè ni bóyá àpò náà á dé kí ọjọ́ ọdún tó pé. Wọ́n fẹ́ fi ṣe àlejò lóore ni, ọdún sì ti kọjá. Ohun tí àwọn tó wo àwòrán ń bèèrè ni bóyá ó kan dáadáa, bóyá ó kúná, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bèèrè bí gààrí ṣe kan tó, ilé rẹ̀ ló ti fẹ́ mu ún, á sì tún fẹ́ òmíràn nígbà tí ti ọwọ́ rẹ̀ bá tán.

Ohun kan tó máa ń ba ìṣirò àwọn tó padà jẹ́ ni ìkánjú. Bí àpò kílò márùn-ún bá ń lo nǹkan bí oṣù kan nínú ilé, tí ẹ sì ka àwọn tó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òfo ni ẹ ó rí lápá méjèèjì. Oṣù mẹ́ta fún ilé kọ̀ọ̀kan láàyè láti tún rà ní bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ rà sì ni kí ẹ ti ka oṣù mẹ́ta tirẹ̀, kí ẹni tó pẹ́ wọlé má baà ní ọjọ́ tó kéré sí ti àwọn yòókù.

Ìbéèrè: Orí Wasáàpù ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ni mo fi bi wọ́n léèrè ìpolówó tí wọ́n rí. Ṣé kò sí ọ̀nà tó rọrùn ju ìyẹn lọ?

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ fún ìpolówó kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wà nínú rẹ̀, kí oníbàárà kàn fi ránṣẹ́:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Gaari%20A
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Gaari%20B
```

Nọ́ńbà yín ni kí ẹ fi rọ́pò àwọn X náà, láìsí òdo iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá tipa fídíò wọlé á bá yín sọ "Gaari A", ti àwòrán á sọ "Gaari B". Lórí Wasáàpù àwọn oníṣòwò, ẹ lè fi "Labels" sàmì sí kálukú lójú ẹsẹ̀ kí ó tó sọnù láàárín àwọn yòókù. Nọ́ńbà fóònù oníbàárà ni kí ẹ fi ṣe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, nítorí pé nípa rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ pé ẹni àná ló padà. Bí nọ́ńbà náà bá ti wà nínú ìwé yín ṣáájú ìpolówó, ẹ má kà á mọ́ oníbàárà tuntun, nítorí ó ṣeé ṣe kó rà bí ẹ ò tilẹ̀ polówó. Àwọn tó rí ìpolówó tí wọ́n sì wá rà ní ìsọ̀ yín ní Òkè-Ajé láìtẹ ohunkóhun kò ní hàn níbẹ̀. Àwọn nìkan ni ẹ ó ṣì máa fi ẹnu bi.

Ìbéèrè: Ènìyàn mẹ́wàá àti mẹ́rìndínlógún ṣá ni. Ṣé wọn kò kéré jù láti gbé ìpinnu lé?

Ìdáhùn: Wọ́n kéré, ó sì yẹ kí ẹ fura. Nígbà tí a bá ń ka nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, kòńgẹ́ lásán lè sún iye náà sókè tàbí sódò ní nǹkan bíi nọ́ńbà tó jẹ́ pé, bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, iye náà ni a ó rí: fún 16, ó jẹ́ 4, fún 10, ó jẹ́ 3 àti díẹ̀. Èyí já sí pé oníbàárà fídíò lè jẹ́ láàárín 12 sí 20, ti àwòrán láàárín 7 sí 13, láìjẹ́ pé ìpolówó kan sàn ju ìkejì lọ ní ti gidi. Wọ́n kan ara wọn níbi 12 àti 13, nítorí náà mi ò lè búra pé fídíò ló ń mú oníbàárà wá ní owó tó kéré jù.

Ní ti àwọn tó padà, ẹ̀rù tó bà mí yàtọ̀: kí ó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀. Ká ní olóúnjẹ kan ló ra 8 nínú àpò 14 yẹn, tí ẹ sì yọ ọ́, àpò 16 ni àwòrán á kù sí, èrè rẹ̀ á sì bọ́ sí ₦4,000, tó kéré sí ti fídíò. Mo wo ìwé yín. Ẹni tó padà rà jù ra mẹ́ta. Bí a bá tilẹ̀ yọ mẹ́ta náà, ₦11,500 ṣì kù.

Ẹ tún àwọn méjèèjì ṣe ní oṣù tí kò sí ọdún, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, pẹ̀lú owó kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àwòrán bá tún borí, ẹ má ṣe sáré sọ ₦20,000 di ₦60,000, kí ẹ sì máa retí oníbàárà 30. Àwọn ènìyàn 8,000 yẹn ti rí i ní ìgbà méjì àbọ̀ ní ìpíndọ́gba. Owó tí ẹ bá fi kún un lè kàn máa fi hàn àwọn kan náà. Ẹ fi ₦10,000 kún un lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì wo "Frequency", tí í ṣe iye ìgbà tí ẹnì kan ń rí ìpolówó náà ní ìpíndọ́gba, àti iye tí oníbàárà tuntun kan ń ná yín. Ẹni tí àwòrán mú wá ń ra àpò 2.4 ní oṣù mẹ́ta, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦3,600, nítorí náà ẹ ò tíì pàdánù bí ó bá ná yín ju ₦2,000 lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì kan ₦3,600. Ti fídíò kò ju nǹkan bí ₦1,690 lọ.