Gbèsè tí kò ṣeé gbà mọ́ nínú ìṣirò owó-orí ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ta ọjà láwìn, ó ti ka iye ọjà náà mọ́ owó tó wọlé fún un lọ́dún náà, yálà oníbàárà ti sanwó tàbí kò tíì san. Owó-orí ti bọ́ sórí rẹ̀ nìyẹn. Bí oníbàárà bá wá di ẹni tí kò lè san mọ́, ilé-iṣẹ́ á ti san owó-orí lórí owó tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ rárá. Ìdí nìyí tí abala 24(f) nínú Òfin Owó-orí Ilé-iṣẹ́, tí a mọ̀ sí CITA, fi gbà á láyè láti yọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kúrò nínú èrè. CITA ló wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òpin ọdún 2025, kí Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti ọdún 2025 tó rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026. Ìlànà CITA ni àpilẹ̀kọ yìí ń tẹ̀ lé.

Ohun àkọ́kọ́ tí òfin náà ń béèrè ni ibi tí gbèsè ti wá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí ilé-iṣẹ́ ti kà mọ́ owó tó wọlé tẹ́lẹ̀, tàbí owó tó yáni gẹ́gẹ́ bí ara òwò rẹ̀ gan-an, bíi ti báńkì. Bí oníṣòwò ìyẹ̀fun bá yá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó tí onítọ̀hún sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì san án, owó yẹn kì í ṣe owó òwò ìyẹ̀fun, kò sì ní dín owó-orí kù. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ hàn pé inú ọdún tí a ń ṣírò rẹ̀ ni gbèsè náà di èyí tí kò ṣeé gbà mọ́. Bó bá ti pẹ́ tí ọjọ́ sísan rẹ̀ ti kọjá, ìyẹn kò dí i lọ́wọ́.

Òfin kò ní kí a dúró dìgbà tí ìrètí bá pin pátápátá. Gbèsè tí a ń ṣiyèméjì sí náà ṣeé yọ, níwọ̀n iye tí a lè fi hàn pé ó wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ẹni tó jẹ ẹ́, iye tó jẹ, àti ìdí tí a fi rò pé kò ní san án. Bí ilé-iṣẹ́ bá kàn ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gbèsè sọ́tọ̀ nítorí pé àwọn kan kì í san, owó-orí kò mọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ìlànà ìṣirò IFRS 9, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, ti dá wàhálà sílẹ̀. Ìlànà náà pàṣẹ pé kí a ka àdánù tó ṣeé ṣe kó dé sílẹ̀ kí ó tó dé, kódà lórí oníbàárà tí ń san déédéé. Ohun tó tọ̀nà nínú ìwé ìṣirò ni, síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé gbèsè kan pàtó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé-iṣẹ́ kan tí ìwé rẹ̀ fi èrè ₦40,000,000 hàn lẹ́yìn tó ti yọ ₦9,000,000 fún gbèsè. Nínú ₦9,000,000 yẹn, ₦2,000,000 jẹ́ ti oníbàárà kan tí ilé-ẹjọ́ ti pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, tí kò sì ku ohun kan láti pín. ₦3,000,000 jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ lórí oníbàárà mìíràn tó jẹ ₦5,000,000, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, tí agbẹjọ́rò sì ti kọ̀wé pé ₦2,000,000 péré ni ọjà tó kù lè mú wá. ₦2,500,000 ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo àwìn, ₦1,500,000 tó kù sì ni owó tí òṣìṣẹ́ yá. Ti oníbàárà méjèèjì nìkan ló ṣeé yọ. ₦4,000,000 yòókù yóò padà sórí èrè, èrè yóò di ₦44,000,000 kí a tó kan àwọn àtúnṣe mìíràn. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lára àwọn tí ń san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, owó-orí rẹ̀ ti fi ₦1,200,000 pọ̀ sí i nìyẹn.

Lọ́dún kejì, oníṣọ́ọ̀bù yẹn kò rí nǹkan kan san. Ilé-iṣẹ́ pa gbogbo ₦5,000,000 rẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ₦2,000,000 péré ni yóò yọ lójú owó-orí, nítorí pé ó ti yọ ₦3,000,000 lọ́dún tó ṣáájú. Bó bá wá di ọdún kẹta tí ọkùnrin náà mú ₦1,000,000 wá, owó náà di owó tó wọlé lọ́dún yẹn, owó-orí sì wà lórí rẹ̀.

Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù pẹ̀lú àwọn agbowó-orí ni ẹ̀rí. Lẹ́tà tí a fi béèrè owó, ìwé agbẹjọ́rò, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tàbí ìwé ẹni tó ń pín dúkìá ilé-iṣẹ́ tó wó, àwọn wọ̀nyí ló ń gbèjà ẹni. Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé gbèsè ẹnì kan kò ṣeé gbà mọ́, tí ìwé ọjà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sì fi hàn pé ó ṣì ń ta ọjà láwìn fún ẹni náà lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí agbowó-orí tí yóò gbà.

Àṣìṣe kan tún wà tí ń pa ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lára. Bí ìyàsọ́tọ̀ orí gbogbo àwìn bá dín kù, tí ₦2,500,000 àná di ₦1,000,000, ₦1,500,000 tó yọ sílẹ̀ á wọ inú èrè nínú ìwé. Owó-orí ti wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kò gbà kí wọ́n yọ ọ́, nítorí náà ó yẹ kí a mú un kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò. Àwọn tí kò tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí a dá padà lọ́dọọdún kì í rántí èyí, wọ́n á sì san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà.