Áàpù ẹ̀yáwó tí ń kó nọ́ńbà inú fóònù

Áàpù ẹ̀yáwó kíákíá ni ètò orí fóònù tí ń yá ènìyàn lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí onídùúró, láìsí ohun ìdógò. Àwọn kan wà nínú wọn tí ń gba àṣẹ láti ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ayáwó, kí wọ́n lè dójú tì í lọ́dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ bí owó bá pẹ́. Ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ènìyàn ti mọ èsúsú, sọ́gúndógójì àti gbọ́múléláńtà tipẹ́, áàpù wọ̀nyí ti di ọ̀nà mìíràn tí àwọn ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wá owó.

Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ jókòó sí ilé onígbèsè, yóò máa pariwo, yóò máa da ilé rú, títí ẹbí yóò fi wá owó san nítorí ìtìjú. Ohun tí áàpù wọ̀nyí ń ṣe kò jìnnà sí èyí, àmọ́ kò sí ilé tí ojú ti lè mọ ẹni tó wá.

## Bí nọ́ńbà ṣe ń lọ

Lórí fóònù Android, áàpù kò lè ka nọ́ńbà tí a kọ pamọ́ bí onífóònù kò bá tẹ `Allow`. Àṣẹ tí àwọn tó ń kọ áàpù ń béèrè fún un ni `READ_CONTACTS`. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, áàpù lè ka gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́: bí a bá gba àṣẹ náà padà, tàbí tí a pa áàpù rẹ́ kúrò lórí fóònù, ohun tó ti lọ ti lọ.

Bí a ṣe ń kọ orúkọ sí fóònù nílùú wa tún ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó kọ “Màmá Mi”, “Alfa Òkè Àdó”, “Ìyá Ọkọ” àti “Ọ̀gá Ibi Iṣẹ́” ti fi ẹni tó yẹ kí agbowó pè han agbowó.

## Àpẹẹrẹ kan

Ká ní obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági fẹ́ yá ₦20,000. Ohun tí áàpù náà kọ sí ojú ìwé rẹ̀ ní Play Store ni pé ọjọ́ 91 ni àkókò ìsanwó tó kéré jù. Ó tẹ `Allow`, ó fi nọ́ńbà BVN sílẹ̀. ₦13,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀, wọ́n ti yọ ₦7,000 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Ìgbà yìí ló rí i pé ₦20,000 ni òun yóò san, láàárín ọjọ́ méje. Èlé rẹ̀ lé ní ìdajì owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ kan péré. Nígbà tí ọjọ́ pé tí owó kò pé, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá oníbàárà rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ pé olè ni, fọ́tò rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe onídùúró fún un.

## Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀

Òfin Google fúnra rẹ̀ wúlò púpọ̀ níbí. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò gba áàpù ẹ̀yáwó láyè mọ́ láti ka nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù. Kò sì gba ẹ̀yáwó tí a gbọ́dọ̀ san tán láàárín 60 ọjọ́ tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, áàpù ẹ̀yáwó tó béèrè `Contacts`, tàbí tó kọ ọjọ́ 91 síta tó sì ń béèrè owó ní ọjọ́ méje, ti tàpá sí òfin ibi tó ti ń tajà. Kí a tó gbà á sórí fóònù, a lè tẹ `About this app`, kí a wá wo `App permissions` nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn kì í gba Play Store kọjá rárá. Líǹkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fóònù yóò sì ní kí a kọ́kọ́ ṣí `Install unknown apps`. Òfin Google kò dé ọ̀dọ̀ irú èyí, òun ló sì léwu jù.

FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ní àkójọ àwọn ayánilówó tó fọwọ́ sí ní fccpc.gov.ng. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí a fi wé e, kì í ṣe orúkọ áàpù nìkan, torí orúkọ áàpù rọrùn láti fara wé. Wíwà nínú àkójọ náà kò sì fi dáni lójú pé wọn kò ní yọ ènìyàn lẹ́nu.

## Òfin àti ẹ̀sùn

Ní 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. FCCPC gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde ní 2022, òfin ààbò détà sì dé ní 2023. Ìlànà FCCPC ti 2025 fàyè gba ìtanràn tó tó ₦100 mílíọ̀nù.

Gbèsè kò tìtorí ìyọlẹ́nu di òfo. Bí ìdúnkookò bá bẹ̀rẹ̀, kí ayáwó ya àwòrán ojú fóònù tí nọ́ńbà àti àkókò àtẹ̀jíṣẹ́ hàn nínú rẹ̀, kó tètè sọ fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀, kó sì kọ̀wé sí FCCPC. Ìyá ọkọ tàbí oníbàárà tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà yọ lẹ́nu lè fi ẹjọ́ tirẹ̀ sun NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò détà, nítorí nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọ́n kó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.