Bí Èsì Àyẹ̀wò Kíndìnrín Tó Fọ́n Káàkiri Ṣe Ń Di Àtẹ Kan

Ẹni tó bá ti ń ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín láti ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ní èsì níbi púpọ̀: ewé kan nínú fáìlì, òmíràn nínú àpò, fọ́tò méjì lórí fóònù, ọ̀kan nínú ìwé tí ọsibítù kó fún un lọ́jọ́ tó ń padà sílé. Ewé kọ̀ọ̀kan ń sọ bí kíndìnrín ṣe ṣiṣẹ́ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò lè sọ bóyá agbára rẹ̀ ń dín kù, tàbí bó ṣe ń yára dín kù tó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn gan-an ni dókítà ń wá. Kí wọ́n tó lè pe nǹkan ní àìsàn kíndìnrín tó ti di bárakú, ó gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 3 ó kéré tán, kò sì sí ewé kan tí oṣù 3 lè wà nínú rẹ̀. Àfi kí wọ́n to àwọn èsì náà tẹ̀ léra wọn.

Nọ́ńbà tí àtẹ yìí dúró lé ni ti kireatíníìnì. Ìdọ̀tí tó ń ti inú iṣan ara wá ni. Ojoojúmọ́ ni iṣan ń mú un jáde, kíndìnrín ló sì ń sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀. Tí agbára asẹ́ yìí bá ti ń dín kù, kireatíníìnì á máa ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á sì máa ga. eGFR tí wọ́n máa ń tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. Wọ́n ṣírò rẹ̀ láti inú kireatíníìnì, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù 3, àìsàn ti wọ kíndìnrín nìyẹn. Tó bá wà lábẹ́ 15, kíndìnrín ti ń kùnà.

Ká fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 58 ni nígbà tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wáyé, ó sì pé 59 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ewé 7 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́ta wá láti láàbù ọsibítù, tó ń kọ kireatíníìnì ní µmol/L: 124, 186 àti 147. Mẹ́rin wá láti láàbù aládàáni, tó ń kọ ọ́ ní mg/dL: 1.5, 1.6, 1.7, àti 1.6 kan sí i.

Nọ́ńbà láàbù tí wọ́n tẹ̀ sórí ewé, èyí tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà mọ̀, ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ewé méjì tó jẹ́ 1.6 yẹn, nọ́ńbà láàbù kan náà ló wà lórí wọn. Èsì kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Tí wọ́n bá kọ méjèèjì sínú àtẹ, á dà bíi pé kíndìnrín dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí kò sí ẹ̀jẹ̀ kejì tí ẹnikẹ́ni gbà. Èsì 6 ló kù.

Ọjọ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti máa ń wọlé jù. Ewé kan lè ní ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tó dé láàbù, àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ èsì jáde. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ nìkan ló yẹ kó wọ àtẹ, torí ipò tí ara wà lọ́jọ́ náà ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Lẹ́yìn èyí ni ti bí wọ́n ṣe kọ ọjọ́. Èsì 1.6 láti láàbù aládàáni ní 03/10/2024 lára. Ṣé ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ni, àbí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta? Tí wọ́n bá fi sí oṣù kẹta, á bọ́ sáàárín èsì oṣù kejì àti ti oṣù kẹfà, á wá jọ pé kíndìnrín bàjẹ́, ó tún san, láìsí ìdí kankan. Èsì mìíràn láti láàbù kan náà ló yanjú rẹ̀: 14/05/2025. Kò sí oṣù kẹrìnlá, nítorí náà ọjọ́ ni láàbù yìí máa ń fi ṣíwájú. Nínú àtẹ, ó dáa kí wọ́n kọ gbogbo ọjọ́ báyìí, 2024-10-03, kí ọdún ṣíwájú. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n tẹ̀ léra dáadáa, kò sì sí ẹni tó máa ṣì í kà.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n rọrùn ju ti ọjọ́ lọ. Láti sọ µmol/L di mg/dL, wọ́n á fi 88.4 pín in: 124 á di 1.40, 186 á di 2.10, 147 á di 1.66. Bí láàbù kan bá gbàgbé láti kọ òṣùwọ̀n sára ewé, nọ́ńbà fúnra rẹ̀ á sọ ọ́, torí 1.5 kò lè jẹ́ µmol/L nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, 133 náà kò sì lè jẹ́ mg/dL. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pa nọ́ńbà tó wà lórí ewé rẹ́. Kó ní òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n yí padà, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó kàn kì í hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. eGFR tí láàbù tẹ̀ kò ṣeé dà kọ tààrà láti ewé kan sí èkejì, torí gbogbo láàbù kọ́ ló ń lo ìlànà ìṣirò kan náà. Ìlànà CKD-EPI ti ọdún 2009 máa ń fi 1.159 sọ èsì aláwọ̀ dúdú di púpọ̀. Ìlànà tuntun tó jáde ní ọdún 2021 yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kúrò pátápátá. Láàbù aládàáni yìí ṣì ń lo ti 2009, ó sì tẹ 59 síwájú 1.5 ti oṣù kẹfà. Láàbù ọsibítù, tó ń lo ti 2021, tẹ 58 ní oṣù kejì. Ẹni tó bá da méjèèjì kọ á rò pé kíndìnrín tún gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ìlànà 2021 fún oṣù kẹfà yẹn jẹ́ 54. Ó ń lọ sílẹ̀ ni, ìlànà méjì tó dà pọ̀ ló bo ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n fi ìlànà kan ṣoṣo ṣírò gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fún ọkùnrin, tí kireatíníìnì ní mg/dL bá wà ní D2, tí ọjọ́ orí lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà sì wà ní E2:

```
=142*MIN(D2/0.9,1)^-0.302*MAX(D2/0.9,1)^-1.2*0.9938^E2
```

Fún obìnrin, 0.7 ló máa rọ́pò 0.9, -0.241 á rọ́pò -0.302, wọ́n á sì fi 1.012 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ ní ìparí.

Àtẹ ọkùnrin yìí rèé:

| Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ | Bó ṣe wà lórí ewé | mg/dL | eGFR | Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| 2024-02-12 | 124 µmol/L | 1.40 | 58 | ara le |
| 2024-06-06 | 1.5 mg/dL | 1.50 | 54 | ara le |
| 2024-09-19 | 186 µmol/L | 2.10 | — | ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ 4, wọ́n dá a dúró ní ọsibítù |
| 2024-10-03 | 1.6 mg/dL | 1.60 | 50 | ara ti yá |
| 2025-01-20 | 147 µmol/L | 1.66 | 47 | ara le |
| 2025-05-14 | 1.7 mg/dL | 1.70 | 46 | ara le |

Òpó tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń gba àtẹ lọ́wọ́ irọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara ọkùnrin náà gbẹ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín dín kù, kireatíníìnì sì fò sókè. Tí wọ́n bá fi ìlànà yẹn ṣírò 2.10, 36 ló máa jáde, ṣùgbọ́n ìlànà náà kì í ṣiṣẹ́ àfi tí kireatíníìnì bá dúró sójú kan. Lákòókò tó ń gùn tàbí tó ń sọ̀ lójoojúmọ́, nọ́ńbà tó bá jáde kò ṣeé gbára lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi àyè eGFR ọjọ́ náà sílẹ̀ láìkọ nọ́ńbà kankan sí i. Ẹni tó bá kọ 36 síbẹ̀ láìsí àlàyé á rí i tó já wálẹ̀ láti 54, tó tún gbéra sí 50 láàárín ọ̀sẹ̀ 2, á sì gbóríyìn fún oògùn èyíkéyìí tí aláìsàn náà ń lò lọ́sẹ̀ yẹn. Omi ara tó padà bọ̀ sípò ló ṣe é.

Nínú òpó yìí kan náà ni wọ́n á kọ ọ́ sí bí wọ́n bá jẹ ẹran sísè púpọ̀ ní wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, torí ó ń gbé kireatíníìnì sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tó ní tirimẹtopírímù nínú: ó ń dí ọ̀nà tí kireatíníìnì ń gbà jáde, nọ́ńbà á ga, asẹ́ náà kò sì bàjẹ́. Oògùn ìrora bí aibuporofẹ́ẹ̀nì yàtọ̀ sí ìyẹn, torí ó lè ṣe kíndìnrín fúnra rẹ̀ léṣe ní ti gidi.

Tí wọ́n bá ti yọ ìlà ìgbẹ́ gbuuru sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó ṣẹ́ kù ni 58, 54, 50, 47, 46. Ìyàtọ̀ láàárín 47 àti 46 nìkan kò tó nǹkan. Ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá, èsì rẹ̀ máa ń yí díẹ̀ láti ọjọ́ kan sí èkejì. Ìyípadà tó bá kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó mú kí wọ́n wádìí. Láti 58 sí 46 jẹ́ nǹkan bí ìdá 21, wọn ò sì fò láti ibì kan sí èkejì: gbogbo èsì marùn-ún ló ń lọ sísàlẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 12 láàárín oṣù 15, tó sún mọ́ 10 lọ́dún kan. Àwọn dókítà kíndìnrín máa ń ka ohun tó bá ju 5 lọ́dún kan sí yíyára bàjẹ́. Kò sí ewé kankan nínú méje yẹn tó sọ èyí.

Àtẹ yìí ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Tí iṣan ènìyàn bá ti joro nítorí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, tàbí tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kireatíníìnì tó ń mú jáde á kéré, eGFR á sì dára lójú ju bí kíndìnrín ṣe wà gan-an lọ. Kireatíníìnì kò sì sọ bóyá asẹ́ náà ti ń jò, tí purotéènì ń gba ibẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń sọ ìyẹn, èyí tí wọ́n máa ń kọ ACR sí lára, ó sì tọ́ sí òpó tirẹ̀. Òṣùwọ̀n tiẹ̀ náà fẹ́ àkíyèsí: 30 mg/g sún mọ́ 3 mg/mmol, nítorí náà 3 tó wá lẹ́yìn 30 lè má jẹ́ pé ìtọ̀ ti mọ́.

Nígbà tí dókítà rí àtẹ ọkùnrin yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní losatáànì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 2025. Ìlà kan fún ìyẹn nìkan nínú àtẹ ni, láìsí èsì kankan níbẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ oògùn nìkan. Oògùn yìí ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti asẹ́ kíndìnrín kù. Ààbò ni ìyẹn jẹ́ fún asẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kireatíníìnì lè kọ́kọ́ gòkè díẹ̀. Bí èsì tó kàn bá jẹ́ 1.9 láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ó fi nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ju 1.7 lọ. Kò tíì dé ìdá 30 tó máa mú kí dókítà tún oògùn náà yẹ̀ wò, èyí tó jẹ́ 2.2 fún ọkùnrin yìí.