Ìdọ́gba méjì tó jọra: ọ̀kan tètè dé, èkejì ń pòòyì

x³ − 2x − 5 = 0 ni Isaac Newton fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà tó kọ ọgbọ́n tó fi ń wá ojútùú ìdọ́gba, tí à ń pè ní ọgbọ́n Newton, sílẹ̀ ní 1669. Iye x tó máa sọ apá òsì di òdo là ń wá. Ẹ jẹ́ ká méfò 2. 8 − 4 − 5 já sí −1. A ò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n a ò jìnnà.

Ẹ ya àwòrán ìdọ́gba náà sórí bébà. Ó tẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá fi rúlà kàn án níbi tí x ti jẹ́ 2, kí rúlà sì dagun bí àwòrán ṣe dagun níbẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ rìn díẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Ibi tí rúlà ti gé ìlà òdo ni ìméfò wa tuntun. Ìṣírò rẹ̀ nìyí:

```
x_tuntun = x - f(x)/f'(x)
```

f(x) ni iye tí a rí, f'(x) ni bí àwòrán ṣe dagun tó. Fún ìdọ́gba yìí, f'(x) jẹ́ 3x² − 2, èyí tó jẹ́ 10 nígbà tí x jẹ́ 2. A yọ −1/10 kúrò nínú 2, ó di 2.1. Ẹ tún un ṣe, ẹ ó rí 2.094568. Lẹ́ẹ̀kan sí i, 2.0945514817. Èyí tó tọ̀nà gan-an ni 2.0945514815. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré!

Kí ló mú un yá tó bẹ́ẹ̀? Títẹ̀ àwòrán nìkan ni rúlà kò mọ̀, tí a bá sì fi àlàfo tó wà láàárín ìméfò àti ojútùú sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, àṣìṣe tí ìyẹn ń fà níbí kàn ju ìdajì èsì náà lọ díẹ̀ ni. Àlàfo 0.0054 a máa di nǹkan bí 0.000017.

Ẹ wá yí òpin rẹ̀ padà: x³ − 2x + 2 = 0. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0. Iye jẹ́ 2, ìdagun jẹ́ −2, ó gbé wa lọ sí 1. Níbẹ̀, iye jẹ́ 1, ìdagun jẹ́ 1, ó dá wa padà sí 0. Títí ayé ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ní kí a sún díẹ̀, kí a gbéra láti 0.1. Ó lọ sí 1.014, ó padà sí 0.080. Pípòòyì náà ń fà á mọ́ra ni. Àfonífojì kan tí kò kan ìlà òdo ló wà láàárín 0 àti 1, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú ní nǹkan bí 0.816, ojútùú sì wà lẹ́yìn òkè, lápá òdìkejì òdo.

Ẹ máa wo ìyàtọ̀ láàárín ìméfò kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Tí kò bá máa kéré kíákíá, ẹ dúró, kí ẹ wá ibi tí àmì ti yí padà. Ní −2, iye jẹ́ −2. Ní −1, ó di 3. Ojútùú wà láàárín wọn. Ẹ gbéra láti −2: −1.8, −1.76995, −1.76929.

Tí ìyàtọ̀ bá kàn ń dín sí ìdajì nígbà gbogbo, bóyá ojútùú méjì ló wà lójú kan náà. (x − 1)² láti 2 á fún wa ní 1.5, lẹ́yìn náà 1.25. Níbí, ẹ sọ ìgbésẹ̀ di ìlọ́po méjì. Láti 2, ó bọ́ sórí 1 gan-an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.