Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ẹ Túmọ̀ Ojú Ìwé Mẹ́rin Lọ́fẹ̀ẹ́ fún Ìdánwò

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè tí mo ń ṣe, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dé pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ débi pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ kì í rántí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ kan yóò kọ̀wé pé iṣẹ́ yín wu àwọn, àmọ́ kí àwọn tó ṣe àdéhùn, kí ẹ kọ́kọ́ bá àwọn túmọ̀ nǹkan díẹ̀ láìgba owó, kí àwọn lè fi dán yín wò. Nígbà tí ẹ bá ṣí fáìlì náà, ẹ óò rí i pé ojú ìwé mẹ́rin ni nǹkan díẹ̀ ọ̀hún.

Ìdánwò kúkurú kì í ṣe ohun àjèjì láàrin àwa atúmọ̀ èdè, n kò sì kà á sí ìrẹ́jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìpínrọ̀ kan tàbí méjì, tí kò ju nǹkan bí 250 ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé ìyẹn tó fún olóòtú tí ó mọṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ gbọ́ èdè méjèèjì. Èyí tí ó yẹ kí a kọ̀ ni ìdánwò tí yóò gba odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, bí mo bá ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí mo ń fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, tí mo sì tún un kà kí n tó fi ránṣẹ́, nǹkan bí 1,000 ọ̀rọ̀ ni mo lè ṣe lójúmọ́ láìbà á jẹ́.

Alábòójútó kan kọ̀wé sí mi nípa ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdánwò tí ó fi ránṣẹ́ jẹ́ 1,850 ọ̀rọ̀, ọjọ́ méjì ló sì fún mi. Ojú ìwé 7 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì gbólóhùn àkọ́kọ́ ti wà ní ojú ìwé tí ó ṣáájú, lẹ́tà náà sì sọ ọjọ́ tí ìwé náà ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ohun tí a fẹ́ fi dán ènìyàn wò lásán kì í ní ọjọ́ ìtẹ̀wé. Ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ṣe ìdánwò fún ilé-iṣẹ́ kan láìmọ̀ pé ẹnì kan náà ló gbé e fún wa, àfi ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí a rí i pé ibi tí tèmi parí sí gan-an ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gba ẹnikẹ́ni nínú wa síṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan fẹ́ fi orúkọ ìdánwò gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ alábòójútó náà ló gé fún mi. Nítorí náà, n kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú èsì mi. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ ro iṣẹ́ yìí kàn mí. Mo ti ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ fi ránṣẹ́, iṣẹ́ tí mo lè ṣe ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 1,850, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, nítorí náà n kò ní lè ṣe é láìgba owó. Kí ẹ lè rí ọwọ́ mi kí ẹ tó pinnu, mo dábàá pé kí n túmọ̀ ìpínrọ̀ tí ó wà fún lílo oògùn ní ojú ìwé 8, èyí tí ó jẹ́ 200 ọ̀rọ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ 6,000 náírà, ìyẹn 30 náírà fún ọ̀rọ̀ kan, ẹ óò sì rí i gbà ní ọjọ́ kejì tí owó bá wọlé. Bí ẹ bá gbé ìyókù fún mi, 1,650 ọ̀rọ̀ tí ó kù nìkan ni ẹ óò sanwó fún, 49,500 náírà. Bí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, àpẹẹrẹ náà di tiyín, a kò jẹ ara wa ní gbèsè. Títí di ọjọ́ Ẹtì ni mo lè fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ṣeun, mà."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìkọ̀sílẹ̀ gbà nínú lẹ́tà yẹn, ìdí kan ló sì wà níbẹ̀, èyí tí oníbàárà lè kà fúnra rẹ̀: iye ọ̀rọ̀ àti iye ọjọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ro ẹjọ́ gbọọrọ nípa owó ilé àti owó epo jẹnẹrétọ̀, èsì tí mo sì máa ń rí gbà ni ìkáàánú láìsí iṣẹ́. Ohun tí alábòójútó ń wá ni ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé owó rẹ̀ kò ní ṣòfò. Àpẹẹrẹ kékeré ló lè fún un ní ìyẹn.

Mo fúnra mi yan ìpínrọ̀ náà, n kò sì mú èyí tí ó rọrùn. Ibi lílo oògùn ni àṣìṣe ti lè pa ènìyàn lára. Bí a bá kọ "igba" láìsí àmì, òǹkàwé lè pè é ní ìgbà, ó lè pè é ní igbá tí a fi ń bu omi, ó sì lè pè é ní 200. Nínú ìpínrọ̀ tí àkókò àti iye oògùn ti ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹni tí kò mọ àmì í fi kò ní lè fara pamọ́. Àpẹẹrẹ tún wúlò fún ohun kan tí àwọn oníbàárà kì í rò: wọ́n lè gbé e fún ẹni tí ń to ìwé láti wò bóyá irú lẹ́tà tí wọ́n ń lò lè gbé àmì òkè àti àmì abẹ́ pọ̀.

Bí wọ́n bá fèsì pé àwọn mìíràn ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe bá wọn jà, ẹ má sì dín owó kù, torí iye tí ẹ bá gbà fún 200 ọ̀rọ̀ ni wọn yóò fi díwọ̀n èyí tí ó kù. Ẹ fi iṣẹ́ kan tí ẹ ti ṣe rí ránṣẹ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí kò tíì ní irú rẹ̀ lè túmọ̀ ìkéde ìlera kan fúnra rẹ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbà láti sanwó, inú àkáǹtì gan-an ni kí ẹ ti yẹ owó náà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó ní owó ti wọlé lè jẹ́ ayédèrú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun ṣèèṣì san jù, tí ó ní kí ẹ dá èyí tí ó lé padà kíákíá, ẹ kọ́kọ́ pe báńkì yín.

Ní ọjọ́bọ̀, alábòójútó náà san 6,000 náírà. Nígbà tí ẹni tí ń to ìwé gbé àpẹẹrẹ mi sínú iṣẹ́ wọn, àpótí òfìfo ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ó lámì dà, wọ́n sì pààrọ̀ irú lẹ́tà náà. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìyókù fún mi, wọ́n sì fi ojú ìwé 1 sí 6 kún un ní iye owó kan náà fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹlòmíràn ti túmọ̀ ojú ìwé wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀: ọ̀kan pe àìsàn náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èkejì pè é ní ìfúnpá gíga, ẹ̀kẹta sì fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, gbogbo rẹ̀ ni mo sì tún túmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.